Báwo Ni “Báyìí”?

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo fi fídíò mọ́ínmọ́ín tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ránṣẹ́ lórí Wasáàpù sí ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí mo máa ń pè ní màmá mi àgbà. Ọjọ́ orí wọn ti lé ní 70. Glòkómà ti gba ojú òsì wọn lọ pátápátá, ìba ohun tó bá sì wà ní ọ̀kánkán gan-an ni wọ́n ń fi ojú ọ̀tún rí, bí ẹni tó ń yọjú wòran láti inú páìpù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí. Wọn ò kí mi kú iṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ tí o ní, ‘Ẹ wò ó, báyìí ni wọ́n ṣe ń pọ́n ọn.’ Báwo ni báyìí?”

Kì í ṣe pé wọn ò mọ mọ́ínmọ́ín pọ́n. Wọ́n ti ń pọ́n ọn tà kí wọ́n tó bí mi. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá bí màmá wọn ṣe ń ṣẹ́ ìdí ewé ni èmi náà ṣe ń ṣẹ́ ẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé lórí fóònù, mo rí i pé mi ò lè ṣe é. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pè wọ́n padà.

Mo gbé fóònù dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, mo tẹ fídíò náà, mo sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni tí kò ríran. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Mo kí àwọn ènìyàn fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú-àáyá. Lẹ́yìn náà orin dún díẹ̀, mi ò sì sọ ohunkóhun: ibẹ̀ ni mo ti kọ iye ẹ̀wà, ata àti òróró sójú àwòrán, tí mi ò ka ọ̀kan ṣoṣo jáde. Mo wá gbọ́ ara mi tí mo ń sọ pé “ẹ da èyí sí ibí yìí”, “ẹ rò ó títí tó fi máa rí báyìí”, “ẹ wò ó bó ṣe rí”. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo sọ “báyìí”. Ibi tí mo ti ń pọ́n mọ́ínmọ́ín gan-an, orin nìkan ló wà níbẹ̀ fún 38 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó bá fi etí nìkan tẹ̀ lé mi kò ní mọ ìwọ̀n ohun tí yóò lò, kò ní mọ bó ṣe yẹ kí ẹ̀wà lílọ̀ ki tó, kò sì ní mọ bí ewé ṣe di ìkòkò kékeré lọ́wọ́ mi.

Àwọn tó ń fi ohùn ṣàpèjúwe àwòrán fún afọ́jú ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ní Washington, ní 1981, Margaret Pfanstiehl, tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran dáadáa, àti Cody, ẹni tó padà di ọkọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàpèjúwe eré orí ìtàgé ní gbọ̀ngán Arena Stage. Àwọn afọ́jú fi nǹkan sétí, ẹnì kan sì ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún wọn nígbà tí àwọn òṣèré bá dákẹ́. Ọ̀nà yẹn ni fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n gbà títí dòní: ohùn kejì máa ń wọlé sí àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà nínú fídíò ìdáná kì í sábà gba gbogbo ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Bí mo bá fẹ́ fi ohùn kejì sí fídíò mi, àfi kí n máa dá àwòrán dúró kí ohùn náà lè rí àyè sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe, àwọn kan sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí màmá mi àgbà yóò fi gbọ́ ohùn ẹlòmíràn kí wọ́n tó mọ ohun tí èmi ń ṣe, nígbà tó jẹ́ pé èmi náà ni mo ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi ló yẹ kó gbé àwòrán náà. Àkókò tó sì yẹ kí n ṣètò rẹ̀ ni ìgbà tí mi ò tíì tan kámẹ́rà rárá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti ìwé. Mo fa ìlà sí àárín ojú ìwé. Mo kọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe sí apá òsì, mo kọ ohun tí ẹnu mi yóò sọ sí apá ọ̀tún. Níbikíbi tí apá òsì bá ti ní nǹkan tí apá ọ̀tún kò ní, ibẹ̀ ni afọ́jú yóò ti sọ nù.

Àkọ́kọ́ tí mo kọ fún pípọ́n ewé burú. Mo sọ àwọ̀ aṣọ orí tábìlì, mo sọ irú abọ́ tí mo gbé ẹ̀wà sí, mo sọ òrùka ọwọ́ mi. Nígbà tí mo kà á fún màmá mi àgbà, wọ́n ní, “O ò tíì débi ewé o.” Ohun tí kò yí iṣẹ́ padà ni mo ń kó jọ. Ìkejì, mo gbé sẹ̀ǹtímítà wọ̀ ọ́: kí ewé fẹ̀ tó báyìí, kí ó gùn tó báyìí. Wọ́n ní, “Ta ló ń wọn ewé?” Òótọ́ ni. Ẹni tí kò ríran kò ní fi rúlà dá ewé mọ̀. Ọwọ́ ni yóò fi mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni òkòtó sọ sí mi lọ́kàn. Ta ni kò ta òkòtó rí lọ́mọdé? Ọwọ́ mọ̀ ọ́n ṣáájú ojú: ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó. Láti ìgbà yẹn, kí n tó wá ọ̀rọ̀ fún ohunkóhun, mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi pé kí ni ọwọ́ ti dì mú rí tó jọ ọ́. Ohun tí mo kọ níkẹyìn nìyí:

“Ẹ mú ewé eéran méjì, ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì kí ìdajì wọn bo ara wọn. Ẹ ká wọn pọ̀ bí òkòtó: ẹnu fẹ̀ lókè, ìdí ṣóńṣó nísàlẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ìdí ṣóńṣó yẹn sẹ́yìn, kí ó lẹ̀ mọ́ ara ewé. Ẹ fi ọwọ́ òsì yín di ibẹ̀ mú, ẹ má tú u sílẹ̀. Ẹ bu ṣíbí ìbubẹ̀ méjì sínú rẹ̀. Yóò wúwo lọ́wọ́ bí ẹyin adìẹ mẹ́ta. Ẹ pa ẹnu ewé pọ̀, ẹ ká etí ọ̀tún wọlé, ẹ ká etí òsì wọlé, kí ẹ wá ṣẹ́ orí rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ tẹ́ ẹ sínú ìkòkò, kí ibi tí ẹ ṣẹ́ wà nísàlẹ̀.”

Ẹ kíyè sí i pé mo kọ́kọ́ sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí, ìyẹn òkòtó, kí n tó sọ ibi tí ọwọ́ ń lọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ ká igun yìí, ẹ ká tọ̀hún”, olùgbọ́ yóò máa gbé àwọn igun lọ́wọ́ láìmọ ohun tí wọ́n fẹ́ dì. “Ọwọ́ òsì yín” náà ní ìdí tirẹ̀. Kámẹ́rà iwájú fóònù mi máa ń yí àwòrán padà bíi dígí, bí mo bá sì sọ pé “apá ibí”, kódà ẹni tó ríran lè ṣì í.

Mo ka ọ̀rọ̀ náà ketekete, mo sì wọn àkókò rẹ̀. Ó gbà mí ní 52 ìṣẹ́jú-àáyá, àwòrán tí mo ní sì jẹ́ 38. Ìdẹwò àkọ́kọ́ ni kí n sáré kà á. Mo gbìyànjú rẹ̀, kò sì dára: bí mo ti ń sáré ni ohùn ń pàdánù, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a bá sáré sọ a máa gbé ara wọn mì. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tún àwòrán náà yà. Mo pọ́n mọ́ínmọ́ín méjì dípò ẹyọ kan. Èyí àkọ́kọ́, mo ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi sì ń dúró de ẹnu mi. Èkejì, mo dákẹ́, mo pọ́n ọn bí mo ṣe máa ń pọ́n ọn gan-an, kí ẹni tó ń wò lè rí i láìsí ìdíwọ́, kí ẹni tó ń gbọ́ sì lè ro ohun tó gbọ́. Àyè tí mo lò fún un, inú ìkíni gígùn tó wà níbẹ̀rẹ̀ ni mo ti yọ ọ́.

Ti bí a ṣe ń mọ̀ pé oúnjẹ ti jinná rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkọ́kọ́ mo ní, “Bó bá ti rí báyìí, ó ti jinná.” Ní báyìí mo ní, “Ẹ fi ìka tẹ ewé. Bó bá le bíi ẹyin sísè, tí kò sì rì sílẹ̀ bí ògì, ó ti jinná.” Mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gbọ́ ìkòkò: omi tó pọ̀ a máa hó pẹ̀lú ohùn tó rinlẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ń gbẹ, ìró rẹ̀ a máa ta ṣàṣà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìró kejì yìí kó bu omi sí i kíákíá. Mo fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ kúrò pátápátá, màmá mi àgbà ni kò jẹ́. Wọ́n ní, “Má yọ pupa tàtàṣé kúrò. Mo ṣì rántí pupa.” Àwọ̀ dúró, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí àwọ̀ nìkan dá dúró mọ́.

Mo rò pé mo ti parí iṣẹ́. Mo wá fi fídíò tuntun náà ránṣẹ́ sí télọ̀ tó ń rán aṣọ fún wa. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ sí mi, etí wọn kò gbọ́ nǹkan láti kékeré, orí fóònù la sì ti máa ń kọ̀wé síra wa. Mo ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ sábẹ́ àwòrán, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní sọ́bútaítù, mo sì rò pé wọn yóò yìn mí. Wọ́n kọ ìdáhùn mẹ́ta ránṣẹ́. “Ọ̀rọ̀ yín ń sáré.” “Ó bo ọwọ́ yín.” Ẹ̀kẹta ni: “Kí ni igba omi?”

Èyí kẹta ló dùn mí jù, nítorí pé ẹ̀bi mi ni pátápátá. Mo ti kọ “omi igba kan” láìfi àmì ohùn sí i. Ẹni tó ń gbọ́ mi mọ̀ pé igbá ni mò ń sọ, etí ti bá a fi àmì sí i. Ẹni tí kò gbọ́ kò ní ìrànlọ́wọ́ kankan: ṣé igba tó jẹ́ 200 ni, ṣé igbá tí a fi ń bu omi ni, ṣé ìgbá inú ọbẹ̀ ni, àbí ìgbà? Ẹni tó gbọ́ràn a máa ka Yorùbá aláìlámì nítorí pé ohùn ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ fídíò, àmì ohùn ni ohùn náà.

Ọ̀rọ̀ télọ̀ wa tún ní ìdí mìíràn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ni wọ́n lọ, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ́ wọn níwèé níbẹ̀. Ìtàn náà ti pẹ́: Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun náà jẹ́ adití, ló dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, tó sì mú èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà wá pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, adití tó jẹ́ ọmọ Yorùbá lè máa fi ọwọ́ sọ èdè kan, kó máa ka òmíràn níwèé, kí Yorùbá tó wà lójú ìwé wá jẹ́ ẹ̀kẹta tó ń fi sùúrù kà. Bí mo bá wá kọ “ẹ rí i dájú pé àpòpọ̀ náà kò ṣàn jù” sábẹ́ àwòrán, mo ti fún un ní iṣẹ́ méjì. “Kí ó má ṣàn jù” tó. Mo tún fi Gẹ̀ẹ́sì sí fáìlì kejì kí ẹni tó bá fẹ́ lè yàn án. Mo sì mọ̀ pé méjèèjì kò rọ́pò ẹni tó ń fi èdè ọwọ́ sọ ọ́. Èyí kọjá agbára mi ní báyìí.

Ti pé ọ̀rọ̀ ń sáré, iṣẹ́ ojú ni mo gbàgbé. Ẹni tó gbọ́ràn ń fi etí gba ọ̀rọ̀, ó ń fi ojú wo ọwọ́ mi, nígbà kan náà. Ojú nìkan ni adití ní fún méjèèjì. Gbogbo ìgbà tó bá fi ń kàwé, kò rí ewé. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún tẹlifíṣọ̀n kì í sábà fi ju ìlà méjì sójú àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà kan kì í sì í sábà ju nǹkan bí 42 lẹ́tà lọ. Àwọn kan a máa ka iye ọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. BBC ń lo 160 sí 180. Ìyẹn kò bá Yorùbá mu. “Ẹ bu omi sí i” jẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún, síbẹ̀ ẹyọ ìwòye kan ni. Lẹ́tà ni mo ń kà, mi ò sì jẹ́ kí ó ju bíi méjìlá lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí pé àmì orí ọ̀rọ̀ wa náà gba ojú. Mo tún máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde díẹ̀ ṣáájú ọwọ́. Yóò kà á, ọ̀rọ̀ yóò kúrò, ọwọ́ yóò wá ṣe é nígbà tí ojú rẹ̀ ti dilẹ̀. Mọ́ínmọ́ín kejì tí mo pọ́n láìsọ̀rọ̀ wá wúlò fún un ju bí mo ṣe rò lọ: kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀.

Bíbo ọwọ́ rọrùn. Ìsàlẹ̀ àwòrán ni ọwọ́ mi ti ń ṣiṣẹ́, ìsàlẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ máa ń wà. Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ sókè níbi tí mo ti ń pọ́n ewé. Nínú fáìlì ọ̀rọ̀ náà, `line:0` ló ń ṣe é:

```
WEBVTT

00:02:14.000 --> 00:02:18.000 line:0
Ẹ ká ewé méjì pọ̀ bí òkòtó:
ẹnu lókè, ìdí nísàlẹ̀.

00:02:19.500 --> 00:02:21.500 line:0
Ẹ ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn.

00:03:40.000 --> 00:03:43.000
[Ìkòkò ń ta ṣàṣà: omi ń gbẹ]
```

Ìró tó wà nínú àmì yẹn, mo fi síbẹ̀ nítorí pé ó ní ohun tó ń sọ. Mi ò kọ “abọ́ kan dún”. Ohun tí etí lè fi ṣe ìpinnu nìkan ni mo ń kọ. Mo sì pa fáìlì náà mọ́ ní UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e sórí ayélujára, gbogbo ẹ àti ọ mi di àpótí kéékèèké. Lẹ́tà bíi ẹ́ kò ní ẹyọ tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà: ẹ ni, àmì sì wá jókòó lé e lórí. Fọ́ọ̀ntì tí kò mọ ìyẹn yóò fi àmì náà sí ẹ̀gbẹ́. Orí fóònù olówó pọ́ọ́kú ni mo ti máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ibẹ̀ ló ti sábà máa ń bàjẹ́. Àwọ̀ ọ̀rọ̀ náà, funfun lórí àpótí dúdú. Ẹ̀wà lílọ̀ àti ooru omi gbígbóná máa ń gbé funfun mì bí kò bá sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀.

Ó tún yà mí lẹ́nu pé ètò tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ fún àwọn adití jákèjádò Amẹ́ríkà, ètò ìdáná ni: ti Julia Child, láti ilé iṣẹ́ WGBH ní Boston, ní 1972. Bóyá nítorí pé oúnjẹ ni gbogbo ènìyàn fẹ́ mọ̀, mi ò lè sọ. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé láti ìdí ìkòkò ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àwọn méjì yìí ń fà mí sí ọ̀nà méjì. Màmá mi àgbà fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí i. Télọ̀ wa fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dín kù. Ohun tí mo rí nìyí: ọ̀rọ̀ tí màmá mi àgbà ń wá kì í ṣe èyí tó ń yọ télọ̀ wa lẹ́nu. Ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ni “ẹ jọ̀ọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ má gbàgbé láti...” àti gbólóhùn tó yí po kó tó dé ibi tó ń lọ. Nígbà tí mo yọ àwọn yẹn, àyè wà fún òkòtó. Níbi tí wọ́n ṣì ń fà mí, mo máa ń dẹ ọwọ́: mo ń jẹ́ kí fídíò gùn díẹ̀ sí i. Ó di ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìdajì.

Kí n tó gbé ohunkóhun jáde báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń wò ó. Lẹ́ẹ̀kan, fóònù dojú bolẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, mo pa ohùn rẹ̀ pátápátá. Bí ọwọ́ mi bá dúró nítorí pé mi ò mọ ohun tó kàn, mo padà sí ìwé alábala méjì.

Télọ̀ wa gbìyànjú mọ́ínmọ́ín náà lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́: ó jinná, ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú rẹ̀ jò, ẹ̀wà ti ṣàn sínú omi ìkòkò. Mo ro gbogbo ohun tó lè fà á, mi ò rí i. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ka ọ̀rọ̀ fídíò náà fún màmá mi àgbà lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ ọ dákẹ́ títí mo fi dé “ẹ ṣẹ́ ìdí ṣóńṣó yẹn sẹ́yìn”.

“Ẹ̀yìn wo?”

“Ẹ̀yìn ewé ni, mà.”

“Ẹ̀yìn tí ojú ìpàdé ewé wà, àbí òdì kejì?”

Mo ṣí fídíò náà, mo dá a dúró, mo wò ó. Òdì kejì ni. Ojú ìpàdé náà wà níta gbangba, kò sí ohun tó dì í mú.

Wọ́n ní, “Ìdí nìyẹn tó fi ń jò. Màmá wa kì í ṣẹ́ ẹ síbẹ̀. Orí ojú ìpàdé ni wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹ lé, kó bò ó.”

Mo tún gbólóhùn náà kọ: “Ẹ ṣẹ́ ìdí ṣóńṣó yẹn sókè, sórí ojú ìpàdé ewé, kí ó bò ó.” Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, wọ́n sì ní ó dáa, kí n lọ ra ewé lọ́la.